Ìbéèrè àti Ìdáhùn: bí a ṣe ń wá A àti k fún ohun tó ń dínkù, ní ọ̀nà Levenberg àti Marquardt

Kí ni à ń wá gan-an?

Ẹ mú kapásítọ̀ kan, ẹ fi bátìrì fóótì 9 ṣáájì rẹ̀ títí yóò fi kún, ẹ wá yọ bátìrì náà kí iná tó wà nínú kapásítọ̀ lè máa gba inú rẹsísítọ̀ kan jáde. Bí ẹ bá fi mítà kàn án lára, ẹ ó rí i pé fóótì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, àmọ́ kì í lọ sílẹ̀ bákan náà. Nígbà tó bá pọ̀ ló ń yára. Bó bá ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́. Ohun tó ń bọ́ lára rẹ̀ ní àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan náà nínú ohun tó kù. Èyí ni ìdínkù ẹkisipónẹ́ńṣà, bí a sì ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
V(t) = A * exp(-k*t)
```

`A` ni fóótì tó wà níbẹ̀rẹ̀, `k` ni ìdá tó ń bọ́ lọ ní àáyá kan. Bí a bá pín 1 sí `k`, a ó rí iye àáyá tí fóótì fi ń já sí nǹkan bí ìdá mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún; àwọn onímọ̀ iná ń pè é ní tọ́ọ̀. Fún kapásítọ̀, tọ́ọ̀ kò ju rẹsísítọ̀ tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú kapásítọ̀ lọ.

Àwọn ìwọ̀n tí a ó máa lò nínú àwọn ìdáhùn yìí nìwọ̀nyí. Àpẹẹrẹ ni wọ́n, a kàn gbé wọn kalẹ̀ bí mítà ṣe máa ń fún ni. Kapásítọ̀ náà jẹ́ maikirofáràdì 1,000, rẹsísítọ̀ sì jẹ́ kílò-óòmù 47.

```
t (s):   0     30    60    90    120
V:      8.96  5.01  2.68  1.52  0.79
```

Kí nìdí tí a kò fi kàn gba inú ojú àmì kọ̀ọ̀kan kọjá?

Nítorí pé kò sí `A` àti `k` kankan tó lè gba inú márààrún kọjá. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní àṣìṣe díẹ̀ lára. Ohun tó kù láti ṣe ni pé ká yan `A` àti `k` tí ìlà wọn súnmọ́ gbogbo àmì náà jù lọ lápapọ̀.

Bí a ṣe ń wọn ìsúnmọ́ yẹn nìyí: ẹ yọ ohun tí ìṣirò sọ kúrò nínú ohun tí mítà sọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni àṣẹ́kù. Ẹ sọ àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pè é ní `S`. `A` àti `k` tó bá mú `S` kéré jù ni a fẹ́.

Ṣé lọ́ọ̀gì kò tó? Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá mú lọ́ọ̀gì V, ìlà á tọ́ gbọọrọ.

Ó tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá mú lọ́ọ̀gì àwọn ìwọ̀n márùn-ún òkè yẹn, tí ẹ sì fa ìlà tó dára jù gba àárín wọn, ẹ ó rí `k` = 0.02017 àti `A` = 9.07. Tọ́ọ̀ á jẹ́ àáyá 49.6. Èyí kò jìnnà sí ìdáhùn tí a ó rí níkẹyìn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé lọ́ọ̀gì máa ń gbé ìwọ̀n kéékèèké ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mítà bá ṣìnà pẹ̀lú fóótì 0.05 nígbà tí fóótì jẹ́ 9, lọ́ọ̀gì kò tilẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣìnà bákan náà nígbà tí fóótì ti di 0.79, àmì yẹn á sún kúrò lójú ìlà gan-an, á sì fa ìlà náà mọ́ra. Bí ìwọ̀n ìkẹyìn bá lọ jẹ́ òdo tàbí kó wọ abẹ́ òdo, lọ́ọ̀gì rẹ̀ kò sí mọ́ rárá, àwọn kan á sì kàn ju ìwọ̀n náà nù. Ẹni tó bá ń ju àwọn ìwọ̀n tó bọ́ sábẹ́ òdo nù, tó ń fi àwọn tó wà lókè sílẹ̀, ti tẹ ìdáhùn ara rẹ̀ sí apá kan.

Nítorí náà, a ń fi lọ́ọ̀gì wá ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, a sì ń fi ọ̀nà tó tẹ̀ lé e parí iṣẹ́.

Kí ló dé tí a fi ní láti máa tún un ṣe léraléra? Kí ló dé tí kò sí ìṣirò kan tó máa bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà?

`A` kò fa wàhálà. Bí ẹ bá mọ `k`, `A` á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ó kàn ń sọ nǹkan di púpọ̀ ni. `k` ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé inú `exp` ló wà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ìṣirò náà kí `k` lè dá dúró níhà kan, kò ní gbà.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká dúró síbi tí a méfò, ká wo bí ìlà ṣe máa yí bí a bá mi `A` díẹ̀ àti bí a bá mi `k` díẹ̀, ká ṣe bí ẹni pé ìyípadà náà tọ́ gbọọrọ, ká wá fi ìyẹn ṣírò ìgbésẹ̀ kan. A ó gbé ìgbésẹ̀ náà, a ó dúró síbi tuntun, a ó tún un ṣe. Gauss ló ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà yìí, a sì ń pè é ní ọ̀nà Gauss àti Newton. Ìdagẹ̀rẹ̀ méjì tí a nílò rọrùn:

```
dV/dA = exp(-k*t)
dV/dk = -A*t*exp(-k*t)
```

Ẹ tò wọ́n sínú mátíríìsì `J`, ọwọ̀n kan fún `A`, ọwọ̀n kan fún `k`, ìlà kan fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ `d` ni ohun tó yanjú `(JᵀJ) d = Jᵀr`, níbi tí `r` jẹ́ àwọn àṣẹ́kù.

Bí ọ̀nà Gauss àti Newton bá ṣiṣẹ́, kí ni ìjánu tí Levenberg àti Marquardt fi kún un wà fún?

Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nítòsí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó jìnnà ká lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀: `A` = 9, `k` = 0.1. Níbí, ìṣirò rò pé kapásítọ̀ ti gbẹ tán kó tó tó ìṣẹ́jú kan. `S` jẹ́ 30.81. Ìgbésẹ̀ tí ọ̀nà náà sọ pé ká gbé ni pé ká yọ 0.3565 kúrò lára `k`. Ìyẹn á sọ `k` di -0.2565. `k` ti wọ abẹ́ òdo, fóótì kò dínkù mọ́, ńṣe ló ń ga sí i, nígbà tó bá sì fi máa pé àáyá 120, ìṣirò á sọ pé kapásítọ̀ yín ní nǹkan bíi fóótì 200,000,000,000,000 lára.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà náà gbà pé ìlà tọ́ gbọọrọ títí dé ibi tó ń lọ. Nítòsí, òótọ́ ni, ní 0.36 sí ibi tó dúró, irọ́ ńlá ni. Ìtọ́sọ́nà rẹ̀ dára, `k` nílò láti kéré sí i lóòótọ́. Gígùn ìgbésẹ̀ ni kò dára. Ohun tó máa dá gígùn yẹn dúró ni ìjánu, tí a ń kọ báyìí:

```
(JᵀJ + λ·diag(JᵀJ)) d = Jᵀr
```

λ ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìjánu ṣe le tó, `diag(JᵀJ)` sì ni àwọn àyè tó wà ní ìdábùú `JᵀJ` nìkan. Bí λ bá kéré, ọ̀nà Gauss àti Newton gan-an ló jẹ́. Bí λ bá tóbi, ìgbésẹ̀ á kúrú, á sì yí sí ibi tí `S` ti ń lọ sílẹ̀ jù. Kenneth Levenberg ló kọ́kọ́ tẹ irú ìjánu yìí jáde ní 1944. Donald Marquardt, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont, tún un gbé jáde ní 1963, òun ló sì jẹ́ kó tàn kálẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ iye tí λ yẹ kó jẹ́?

A kì í mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. À ń dán an wò, `S` ló ń ṣe adájọ́. Bí ìgbésẹ̀ bá mú `S` lọ sílẹ̀, a gbà á, a sì pín λ sí mẹ́wàá, ìyẹn ni pé a tú ìjánu díẹ̀. Bí `S` bá ga sí i, a kọ ìgbésẹ̀ náà, a padà síbi tí a wà, a sọ λ di ìlọ́po mẹ́wàá, a tún ṣírò. Ẹ kíyè sí i pé `J` kò yí padà nígbà tí a bá kọ ìgbésẹ̀, nítorí náà kò náni ní púpọ̀ láti tún un dán wò.

Láti ibi búburú yẹn, tí λ bá bẹ̀rẹ̀ ní 0.001, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní 0.001, 0.01 àti 0.1, `k` ń bọ́ sábẹ́ òdo jìnnà, a kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní λ = 1, `k` di -0.078, ìṣirò sì sọ pé fóótì ju 100,000 lọ ní àáyá 120. A kọ ìyẹn náà. Ní λ = 10, `k` di 0.0676, `A` di 9.016, `S` sì sọ̀kalẹ̀ láti 30.81 sí 23.86. A gbà á. A tú ìjánu sí 1: `k` fò lọ sí 0.0078, `S` padà sí 30.42, a kọ ọ́. Ní 10, `k` di 0.0567, `S` di 19.70, a gbà á. A tún tú u sí 1, ẹ̀ẹ̀kan yìí ó ṣeé ṣe: `k` di 0.0182, `S` já wálẹ̀ láti 19.70 sí 0.43 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀, λ á máa kéré, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí i, ó parí.

Bí ọ̀nà yìí ṣe máa ń rìn gan-an nìyẹn. Ó máa ń fà díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, títí yóò fi wọ àdúgbò tí ìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, lẹ́yìn náà á kàn já síbi tó ń lọ.

Kí nìdí tí a fi ń lo `diag(JᵀJ)`, tí a kò kàn fi λ kún un bó ṣe wà?

Torí pé `A` àti `k` kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. `A` ń lọ nínú fóótì, ó súnmọ́ 9. `k` ń lọ nínú ìdá kan lára àáyá, ó súnmọ́ 0.02. Nítòsí ìdáhùn, àyè `A` nínú `JᵀJ` jẹ́ nǹkan bí 1.4, ti `k` sì lé ní 75,000. Bí ẹ bá fi λ = 10 kún méjèèjì bákan náà, ẹ ti so `A` mọ́lẹ̀, `k` kò sì mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Bí ẹ bá tún fi ìṣẹ́jú dípò àáyá, gbogbo rẹ̀ á yí padà.

Bí ìjánu bá jẹ́ ìdá kan lára àyè kọ̀ọ̀kan, ìgbésẹ̀ kò ní yí padà bí ẹ bá pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Ohun tí Marquardt fi kún ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń lò títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe díẹ̀.

Ẹ fún wa ní kóòdù tí a lè kà.

Èyí kúrú, ó sì ń ṣe gbogbo ohun tí a sọ lókè:

```python
import numpy as np
t = np.array([0, 30, 60, 90, 120.])
y = np.array([8.96, 5.01, 2.68, 1.52, 0.79])

def lm(A, k, lam=1e-3):
    S = np.sum((y - A*np.exp(-k*t))**2)
    for _ in range(200):
        E = np.exp(-k*t)
        J = np.column_stack([E, -A*t*E])
        N, g = J.T @ J, J.T @ (y - A*E)
        d = np.linalg.solve(N + lam*np.diag(np.diag(N)), g)
        A2, k2 = A + d[0], k + d[1]
        S2 = np.sum((y - A2*np.exp(-k2*t))**2)
        if S2 < S:
            done = S - S2 < 1e-10*S
            A, k, S, lam = A2, k2, S2, lam/10
            if done: break
        else:
            lam *= 10
    return A, k, S

print(lm(9, 0.1))
```

Ìdáhùn rẹ̀ ni `A` = 8.979, `k` = 0.01986, `S` = 0.0081. Tọ́ọ̀ jẹ́ àáyá 50.4. Fún iṣẹ́ gidi, ẹ lo `scipy.optimize.curve_fit`. Bí ẹ kò bá fún un ní ààlà kankan, ọ̀nà yìí náà ló ń lò, láti inú MINPACK tí wọ́n kọ ní Argonne ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín kọ kékeré yìí, kí ẹ sì máa tẹ λ àti `S` jáde ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti rí i bó ṣe ń rìn á mọ ìgbà tó bá ń ṣàìsàn.

`curve_fit` kò rí nǹkan kan, ó kàn ń kìlọ̀ pé òun kò lè ṣírò covariance, èyí tó ń sọ bí ìdáhùn ṣe dájú tó. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ kò fún un ní `p0`, àbí? Bí ẹ kò bá sọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ fún un, yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 fún gbogbo rẹ̀. `k` = 1 túmọ̀ sí pé kapásítọ̀ gbẹ láàárín àáyá mélòó kan. Nígbà tó bá máa fi di àáyá 30, `exp(-30)` ti kéré ju ohun kóhun lọ, ìdagẹ̀rẹ̀ `k` níbẹ̀ kò ju 0.000000000003 lọ, ti àwọn tó kù tún kéré jùyẹn. Ní àáyá 0, ìdagẹ̀rẹ̀ `k` jẹ́ òdo pátápátá. Lójú ìṣirò, bí ẹ mi `k` bí ẹ kò mi í, nǹkan kan kò yí padà. Kò sí ìjánu tó lè tọ́ ẹṣin tí kò mọ ọ̀nà.

Oògùn rẹ̀ ni ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó ní láárí. Ẹ fojú wá ìgbà tí fóótì pín sí méjì: 8.96 di 4.48 ní nǹkan bí àáyá 35. Ẹ pín 0.693 sí 35, ẹ ó rí 0.0198. Fún `A`, ẹ lo ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ó tán. Bí àwọn ìwọ̀n bá pọ̀, tí wọn kò sì ṣe bákan bàkàn, ìlà lọ́ọ̀gì náà á fún yín ní méjèèjì.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti parí lóòótọ́?

Ẹ má fi ìgbésẹ̀ kékeré nìkan dájọ́. Bí λ bá ti di 1,000,000, ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, bí ẹ tilẹ̀ wà ní àárín òkè. Ìjánu ló fà á sẹ́yìn, kì í ṣe pé ó ti dé. Bí ẹ bá rí i tí λ ń ga ṣáá, tí wọ́n ń kọ ìgbésẹ̀ léraléra, ẹ yẹ ìdagẹ̀rẹ̀ wò kẹ́ẹ tó yẹ ohunkóhun mìíràn wò. Ẹni tó kọ `dV/dk` láìfi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀ máa ń rí irú rẹ̀ gan-an: ìtọ́sọ́nà `k` ti yí padà, gbogbo ìgbésẹ̀ gígùn ń mú `S` ga.

Àmì pé ó parí ni mẹ́ta tó bá pé jọ: `S` kò yí padà mọ́, λ ti kéré, `Jᵀr` sì ti súnmọ́ òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, bóyá `k` = 0.005 àti `k` = 0.05. Fún ẹkisipónẹ́ńṣà kan ṣoṣo, ìdáhùn kan náà ló yẹ kí ẹ bá.

Ìdáhùn ti jáde. Báwo ló ṣe dájú tó?

Ẹ pín `S` sí iye ìwọ̀n tí ẹ ti yọ iye párámítà kúrò: 0.0081 sí 3, ìyẹn 0.0027. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.052 fóótì, èyí ni bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe ń yẹ̀ sí. Ẹ wá fi 0.0027 sọ ìyípadàsẹ́yìn `JᵀJ` di púpọ̀, láìfi ìjánu kún un. Gbòǹgbò àwọn àyè tó wà ní ìdábùú ni ìwọ̀n àṣìṣe: 0.05 fún `A`, 0.00022 fún `k`. Bí ẹ bá gbàgbé λ sínú rẹ̀, ẹ ó rí àṣìṣe tó kéré ju ti òótọ́ lọ, inú yín á sì máa dùn lásán.

Tọ́ọ̀ wá jẹ́ àáyá 50.4, pẹ̀lú àṣìṣe tó lé díẹ̀ ní ìdajì àáyá. Torí pé mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a yọ párámítà kúrò, ẹni tó bá fẹ́ ìdánilójú 95 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, ìyẹn nǹkan bí àáyá 1.7. Ìwọ̀n márùn-ún kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa R² tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè: ohun tó bá ti ń dínkù láti 9 dé 1 lè fún yín ní 0.99 bí ìlà náà kò tilẹ̀ bá a mu dáadáa. Ẹ ya àwọn àṣẹ́kù sórí gíráàfù dípò ìyẹn. Tiwa níbí jẹ́ -0.02, +0.06, -0.05, +0.02, -0.04, àmì wọn ń yí lọ yí bọ̀, wọn kò to ara wọn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n wà lókè níbẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ láàárín, lókè lẹ́ẹ̀kan sí i níkẹyìn, ìṣirò yẹn kò bá nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ mu.

Nígbà tí a fi tọ́ọ̀ ṣírò kapásítọ̀, a rí maikirofáràdì 1,071. Àkọlé rẹ̀ sọ 1,000. Ṣé ìṣirò ló ṣìnà?

Rárá. Kapásítọ̀ ẹlẹkitiroláítì sábà máa ń gba àlàfo 20 nínú ọgọ́rùn-ún lókè tàbí nísàlẹ̀ àkọlé, nítorí náà 1,071 kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó kù tí ẹ kò kà sí ni mítà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mítà onínọ́ńbà ní mẹ́gà-óòmù 10 nínú, iná sì ń gba ibẹ̀ jáde bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí kapásítọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Rẹsísítọ̀ tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ jẹ́ kílò-óòmù 46.8 dípò 47, kapásítọ̀ sì di 1,076. Fún kílò-óòmù 47, kékeré ni. Bí ẹ bá ń lo mẹ́gà-óòmù 1, mítà á ti gé nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá kúrò, kò sì sí bí ìṣirò ṣe máa mọ̀, torí pé ìlà ṣì jẹ́ ẹkisipónẹ́ńṣà tó mọ́ tónítóní, `k` rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ṣé ó yẹ kí gbogbo ìwọ̀n ní ìwúwo kan náà?

Ó yẹ bí àṣìṣe gbogbo wọn bá dọ́gba. Pẹ̀lú ẹni tó ń wo mítà, tó tún ń wo aago, kì í dọ́gba. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀: fóótì ń bọ́ lọ ní 0.18 ní àáyá kan, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lójú mítà ń sáré, ojú kò lè mú un. Bí ẹ bá kà á pẹ́ ní ìdajì àáyá, ẹ ti ṣìnà pẹ̀lú fóótì 0.09. Ní àáyá 120, pípẹ́ kan náà kò ju fóótì 0.008 lọ, kò tilẹ̀ tó ẹyọ kan nínú nọ́ńbà ìkẹyìn.

Nígbà yẹn, àṣìṣe ń tẹ̀ lé fóótì: ó tóbi lókè, ó kéré nísàlẹ̀. Ohun tó sì yani lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé irú àṣìṣe yìí gan-an ni lọ́ọ̀gì fẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ka aago lè rí ìdáhùn tó dára jù láti inú ìlà lọ́ọ̀gì ju láti inú ìṣirò tí kò fi ìwúwo sí nǹkan kan lọ. Àmọ́ nígbà tí fóótì bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, àṣìṣe mítà fúnra rẹ̀, bíi 0.01, á gba ipò. Nítorí náà ẹ kó méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fún `curve_fit`:

```python
from scipy.optimize import curve_fit
f = lambda t, A, k: A*np.exp(-k*t)
sig = np.sqrt(0.01**2 + (0.02*y*0.3)**2)
curve_fit(f, t, y, p0=(9, 0.02), sigma=sig, absolute_sigma=True)
```

0.3 níbẹ̀ ni iye àáyá tí ẹ rò pé ọwọ́ yín ń yẹ̀ sí. `absolute_sigma=True` ń sọ fún un pé nọ́ńbà `sig` jẹ́ fóótì gidi. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, yóò wò ó bí ìwúwo lásán, á sì tún àṣìṣe ìdáhùn gbé sókè tàbí sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun kan sì tún wà níbẹ̀. Bí aago yín bá pẹ́ bákan náà fún gbogbo ìwọ̀n, `k` kò ní yí padà rárá, `A` nìkan ló máa gbé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ka ìwọ̀n àkọ́kọ́ kí ẹ tó yọ bátìrì, ìyẹn kò bá wọn pẹ́, òun nìkan ló máa ta kókó sí ìlà náà. Nígbà tí n kò bá dá mi lójú, mo máa ń yọ ìwọ̀n àáyá 0 sílẹ̀.

Fóótì wa kò dé òdo. Ṣé ká fi `C` kún un?

Bí ìdí bá wà fún `C`, bẹ́ẹ̀ ni: mítà tó ń fi nǹkan hàn nígbà tí wọ́n ti fi irin rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, tàbí omi gbígbóná tí kò lè tutù ju iyàrá tó wà lọ. Ìṣirò á di `A*exp(-k*t) + C`, ọwọ̀n kẹta `J` sì jẹ́ 1 nínú gbogbo ìlà.

Iye tí ẹ máa san ni pé `C` àti `k` jọ ara wọn bí ẹ bá tètè dáwọ́ wíwọn dúró. Láàárín tọ́ọ̀ méjì àkọ́kọ́, ìlà tó ń yára wálẹ̀ sí `C` tó ga díẹ̀, àti ìlà tó ń rọra wálẹ̀ sí òdo, fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Àṣìṣe `k` á wú, ẹ ó sì rí i nínú covariance pé méjèèjì ń bá ara wọn rìn. Kò sí ìjánu tó lè wo èyí sàn, torí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbésẹ̀. Ìmọ̀ náà ni kò sí nínú ìwọ̀n. Ẹ wọ̀n ọ́n dé tọ́ọ̀ márùn-ún, ìyẹn àáyá 250 fún tiwa, níbi tó yẹ kí fóótì ti kù 0.06. Nígbà yẹn `C` á ti fojú hàn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá lè wọn `C` lọ́tọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò.

Ìrù rẹ̀ ṣì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. A fi ẹkisipónẹ́ńṣà kejì kún un, ó sì bá a mu dáadáa. Ṣé ó tọ́?

Ìrù gígùn lára kapásítọ̀ ẹlẹkitiroláítì kì í ṣe àjèjì. Ohun tó wà láàárín àwọn àwo rẹ̀ máa ń fa iná mọ́ra, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ títí fóótì á fi di òdo, ẹ tú u, ẹ dúró díẹ̀; ẹ ó rí i tí fóótì ń padà gòkè fúnra rẹ̀. Nítorí náà ìrù náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n pé ẹkisipónẹ́ńṣà méjì bá a mu kò fi hàn pé méjì ló wà.

Cornelius Lanczos fi èyí hàn ní 1956. Ó mú ẹkisipónẹ́ńṣà mẹ́ta tí `k` wọn jẹ́ 1, 3 àti 5, ó fi wọ́n ṣe ìwọ̀n 24, ó sì rí i pé ẹkisipónẹ́ńṣà méjì péré, tí `k` wọn kò jọ ti àkọ́kọ́, gba inú àwọn ìwọ̀n náà kọjá títí dé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, NIST, ṣì ń fi àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ṣe láti inú iṣẹ́ yẹn dán ètò kọ̀ǹpútà wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi mẹ́fà tó yàtọ̀ síra. Bí `S` bá jọ ara wọn, tí `k` méjèèjì sì ń fò káàkiri, tàbí tí `A` kan tóbi lókè òdo tí èkejì sì tóbi lábẹ́ rẹ̀, ẹ ti béèrè ohun tí àwọn ìwọ̀n yín kò mọ̀. Ẹ fi ẹkisipónẹ́ńṣà kan bá apá àkọ́kọ́ lò, ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí sínú ìwé, kí ẹ sì wọn ìrù náà lọ́tọ̀ pẹ̀lú kapásítọ̀ oníke, tí kò fi bẹ́ẹ̀ fa iná mọ́ra. Bí ìrù bá pòórá, kapásítọ̀ ló ni í. Bí kò bá pòórá, ẹ yẹ òdo mítà yín wò.